Ṣé arán ni, àbí ọkàn tó dàrú lójijì? Ìfiwéra dìmẹ́ńṣíà àti dẹlíríọ́mù fún ẹni tó ń tọ́jú àgbàlagbà

Bí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nínú ilé ni pé, "Ogbó ló dé, Bàbá ti ń ṣarán." Lẹ́yìn náà, kálukú á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn yẹn ti ṣe àwọn àgbà léṣe púpọ̀, torí ohun méjì tó yàtọ̀ síra ló lè da ọkàn àgbàlagbà rú, ọ̀kan nínú wọn kò sì ṣe é fi dọ̀la.

Dìmẹ́ńṣíà ni àrùn ọpọlọ tí a ń pè ní arán. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, ó sì ń gba ọdún. Dẹlíríọ́mù, tí àwọn àgbà ń pè ní ìrànrán nígbà tí ibà bá fà á, jẹ́ ọkàn tó dàrú lójijì nítorí pé nǹkan kan ń ṣe ara lọ́wọ́: kòkòrò àrùn, oògùn, omi ara tó gbẹ, ìtọ̀ tó há, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀. Bí a bá tètè rí nǹkan náà, tí a sì mú un kúrò, ọkàn sábà máa ń padà bọ̀ sípò. Bí a kò bá rí i, nǹkan náà lè pa ẹni náà. Ìyàn tó wà níwájú ẹni tó ń tọ́jú wọn ni pé, ṣé kí a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lónìí ni, àbí kí a gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà? Ọ̀nà tí a ń gbà bá wọn sọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ lápá kan, mo sì máa dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ogbó kúrò lọ́nà. Láti ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ojúlé àwọn àgbà ní Ìdíkàn, nílùú Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbà Ìbàdàn tó ti pé ọdún 65 sókè, bí ẹnì kan ni àrùn Alzheimer tuntun, ìyẹn oríṣi dìmẹ́ńṣíà tó wọ́pọ̀ jù, ń mú lọ́dún, kò sì tó ìdajì ti Indianapolis. Ohun tí èyí fi yé wa ni pé ẹni tó ń gbàgbé lọ́nà tó ń ba ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́ ní àrùn, kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Bí ọkàn àgbàlagbà tó ń dá ṣe ohun gbogbo bá wá dàrú láàárín ọjọ́ méjì, ẹ má rò pé ogbó ló dé lójijì. Ogbó kì í dé lọ́jọ́ méjì.

| Ohun tí ẹ ó wò | Dẹlíríọ́mù | Dìmẹ́ńṣíà |
|---|---|---|
| Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ | Láàárín wákàtí sí ọjọ́ mélòó kan. Ẹ lè dárúkọ ọjọ́ náà | Láàárín oṣù sí ọdún. Kò sẹ́ni tó lè mú ọjọ́ kan |
| Bó ṣe ń rí láàárín ọjọ́ kan | Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó sábà máa ń le lálẹ́ | Òní fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ àná |
| Ọkàn nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ | Kò dúró sójú kan. Ó ń ṣí kúrò lórí ọ̀rọ̀ | Ní ìbẹ̀rẹ̀ àrùn, ó ń tẹ́tí dáadáa. Ìdáhùn ni kò rántí |
| Ojú | Ó ń tòògbé ju ti tẹ́lẹ̀, tàbí kò lè fara balẹ̀ rárá | Ó là, ó sì ń wo yín |
| Ibi tí ẹ ó lọ | Ilé ìwòsàn, lónìí | Ẹ gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà |

Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ ó mú, ẹ mú dẹlíríọ́mù. Bí ẹ bá gbé aláràn-án lọ sílé ìwòsàn láìnídìí, owó ọkọ̀ àti ọjọ́ kan ni ẹ pàdánù. Àṣìṣe òdì kejì lè gba ẹ̀mí.

Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè tó ń yanjú ọ̀rọ̀ jù lọ kì í ṣe ti aláìsàn. Ẹni tó ń bá a gbé la ó bi í: "Ìgbà wo ni Bàbá rí bí wọ́n ṣe máa ń rí gbẹ̀yìn?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ ìtàn gígùn, pé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn wọ́n máa ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri, lọ́dún tó kọjá wọ́n sanwó fún aláta lẹ́ẹ̀mejì, lọ́dún yìí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ wọn ò mọ̀nà ilé mọ́, ìyẹn jọ dìmẹ́ńṣíà. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé, "Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ṣì ka Bíbélì fún wa, ní Ọjọ́rú wọn ò dá ìyàwó wọn mọ̀," ìyẹn kì í ṣe arán. Ẹ dìde.

Dẹlíríọ́mù tún máa ń ṣe bí iná mànàmáná wa: á mọ́, á kú, á tún mọ́. Láàárọ̀, Màmá lè kí yín kí wọ́n sì béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á máa fa aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì tu, wọ́n á máa nawọ́ mú ohun tí ẹ kò rí. Ibi tí èyí ti ń léwu nìyí: ẹ gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà ní àkókò tí ọkàn wọn mọ́, wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́ta, dókítà sì ní kí ẹ máa gbé wọn lọ sílé. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n kọ wákàtí sílẹ̀. "Aago méje alẹ́, wọ́n ń pe ìyá wọn tó ti kú. Aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n mọ gbogbo wa." Ìwé pélébé yẹn lágbára ju àlàyé lọ.

Oríṣi dìmẹ́ńṣíà kan wà tó máa ń dà wá lójú rú níhìn-ín, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ti Lewy. Òun náà ń lọ ó ń bọ̀, ẹni tó ní i sì máa ń rí èèyàn tàbí ẹranko tí kò sí níbẹ̀, tó hàn kedere sí i. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń rìn tìpátìpá bí ẹni tí iṣan le, ó sì lè máa jà lójú oorun. Dókítà ló máa yà á sọ́tọ̀. Ní ti ẹni tó wà nílé, òfin kò yí padà: ohun tó bá yí padà lójijì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó.

Ọkàn tí kò dúró sójú kan

Ní 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Sharon Inouye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí wọ́n pè ní CAM, ó sì di èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lò. Ó ń wo ohun mẹ́rin: ṣé ó dé lójijì tó sì ń lọ tó ń bọ̀? Ṣé ọkàn kò dúró sójú kan? Ṣé ọ̀rọ̀ ń fò láti orí ẹ̀ka kan sí òmíràn láìsí okùn? Ṣé ojú ń kún fún oorun tàbí ó là ju bó ṣe yẹ? Méjì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà, kí ọ̀kan nínú méjì ìkẹyìn sì kún un. Ẹ kíyè sí i pé ìgbàgbé kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbàgbé-gbàgbé kọ́ ni àmì dẹlíríọ́mù. Ọkàn tí kò lè dúró ni.

Ẹ lè dán èyí wò nílé láìbu àgbà kù. Ẹ ní kí wọ́n bá yín ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn láti Àbámẹ́ta: Ẹtì, Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́rú, títí dé Àìkú. Ẹni tí dìmẹ́ńṣíà rẹ̀ kò tíì jinlẹ̀ sábà máa ń rọra kà á dé òpin. Ẹni tó ní dẹlíríọ́mù á bẹ̀rẹ̀, á ka méjì, ojú rẹ̀ á lọ sí fèrèsé, á béèrè ẹni tó ń kan ìlẹ̀kùn, á sì gbàgbé pé ẹ ní kó ka nǹkan. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá mọ̀ pé kò lè kà á bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ìdánwò yìí kò sọ nǹkan tuntun fún yín. Ohun tí a ń wá ni ìyàtọ̀ sí bó ṣe rí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Dẹlíríọ́mù kan tún wà tí kò pariwo rárá. Ẹni tó ń kígbe, tó ń fẹ́ jáde lóru, kò sí bí a ò ṣe ní rí i. Èyí tó ń sá mọ́ wa lójú ni ẹni tó dákẹ́. Màmá kan ṣáà ń sùn, wọ́n ń dáhùn "hẹn" sí gbogbo ìbéèrè, wọ́n fi ọwọ́ kan oúnjẹ wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn ará ilé á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi." Dókítà mìíràn á rò pé ìbànújẹ́ ni. Àwọn tó dákẹ́ báyìí ni a máa ń rí pẹ́ jù, ìyà tó ń jẹ wọ́n kò sì kéré sí ti ẹni tó ń pariwo. Bí ẹni tó máa ń jí kírun tàbí gbàdúrà ní aago márùn-ún bá wá ń sùn di ọ̀sán fún ọjọ́ méjì, ìsinmi kọ́ nìyẹn.

Ọ̀fìnkìn tó di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn

Ẹ jẹ́ kí n fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ, torí nínú ilé kan náà ni àrùn méjèèjì ti máa ń pàdé. Bàbá jẹ́ ẹni ọdún 79, ní Abẹ́òkúta. Ó ti tó ọdún méjì tí dókítà ti ní dìmẹ́ńṣíà ni wọ́n ní. Wọ́n ń gbàgbé ohun tí wọ́n jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ gbogbo ọmọ, wọ́n ń wọ ṣòkòtò wọn fúnra wọn, wọ́n sì ń dá jókòó sí ìta láàárọ̀. Próstéètì wọn tún tóbi, ìtọ̀ wọn kì í yára jáde.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀fìnkìn mú wọn. Ọmọ wọn ra Pírítọ́ọ̀nù ní kẹ́mísìtì, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, pẹ̀lú omi ìkọ́ tó ní Fẹ́nágànù nínú, kí Bàbá lè sùn. Ní alẹ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọmọdé tí kò sí níbẹ̀ kúrò lára ògiri. Ní Ọjọ́rú, wọ́n sùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì pe ìyàwó ọmọ wọn ní olè lóru. Ṣòkòtò wọn ń tutù ṣáá. Àwọn ará ilé ní arán ti wọ inú egungun, Bàbá ti ń tọ̀ sára.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kó ta wọ́n jí. Àkọ́kọ́, Bàbá ọjọ́ Ajé àti Bàbá Ọjọ́rú kì í ṣe ẹnì kan náà. Dìmẹ́ńṣíà wọn ti wà níbẹ̀ fún ọdún méjì láìṣe irú èyí. Ìkejì, oògùn tuntun wọlé ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ìkẹta ni ìtọ̀. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń tutù lẹ́kán lẹ́kán, tí kò sì tọ̀ ní ìtọ̀ gidi kan láti àárọ̀, àpò ìtọ̀ rẹ̀ lè kún débi pé ó ń dà sílẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan abẹ́ ìdodo: bí ó bá le, tó wú, tó sì ń dùn wọ́n tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ kò dúró.

Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá dé ilé ìwòsàn ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 118, ara wọn kò gbóná, àyẹ̀wò ibà kò mú nǹkan kan jáde. Nọ́ọ̀sì fi kátítà, ìyẹn rọ́bà tí a fi ń fa ìtọ̀, sí i, ìtọ̀ tó jáde lé ní lítà kan. Wọ́n dá oògùn méjèèjì dúró. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì Bàbá sùn, wọ́n jí, wọ́n béèrè ẹ̀kọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe wà ṣáájú ọ̀fìnkìn. Wọ́n ṣì ń gbàgbé ohun tí wọ́n jẹ, nítorí dẹlíríọ́mù ló lọ, dìmẹ́ńṣíà dúró.

Bí oògùn ọ̀fìnkìn ṣe ṣe èyí kò ṣòro láti lóye. Pírítọ́ọ̀nù, Fẹ́nágànù àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń kunni lóorun ń dínà mọ́ èròjà kan tí ọpọlọ ń lò láti pa ọkàn pọ̀ àti láti rántí. Èròjà yìí kan náà ni àpò ìtọ̀ ń lò láti fún ara rẹ̀. Èyí tó wà lọ́pọlọ ẹni tó ní Alzheimer ti dín kù tẹ́lẹ̀, nítorí náà ohun tí ọ̀dọ́ máa lò tí á kàn tòògbé lè da àgbà rú pátápátá. Ìfun náà ń lọ́ra, ìgbẹ́ á le, ìyẹn fúnra rẹ̀ sì tún ń dá kún un. Amitiriptíláìnì tí wọ́n ń fún àwọn kan nítorí ẹsẹ̀ tó ń ta wọ́n wà nínú ìdílé yìí, Atéènì náà wà níbẹ̀. Fálíọ̀mù, Lẹ́kisotáànù àti tíramádólù ń gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. Ẹ má ṣe fún ẹni tó ní dẹlíríọ́mù ní Fálíọ̀mù nílé kó lè "fara balẹ̀". Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń lo Fálíọ̀mù lójoojúmọ́ láti ìgbà pípẹ́, tàbí tó ti ń mu ògógóró lójoojúmọ́, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì lọ́wọ́ ara rẹ̀, torí ìdádúró òjijì pàápàá ń fa dẹlíríọ́mù pẹ̀lú gbígbọ̀n, òógùn àti gìrì. Ilé ìwòsàn ni ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀.

Kí ẹ tó wá ọkọ̀, ohun kan wà tí ẹ lè wò bí ẹni náà bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tí ẹ sì ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà. Bí ó bá wà lábẹ́ 70 lórí ẹ̀rọ tó ń kà á ní mg/dL, tí ojú rẹ̀ là tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ po ṣúgà onígun mẹ́rin mẹ́ta sí mẹ́rin sínú omi díẹ̀ fún un, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí ọkàn bá padà, ẹ ṣì gbé e lọ: Dáónílì máa ń pẹ́ lára, ó tún máa ń pẹ́ sí i bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣúgà náà sì lè tún já wálẹ̀ lóru. Ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu.

Bí ẹnì kan kò bá ṣe é jí, tí apá tàbí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń mí hẹlẹ, tí gìrì mú un, tàbí tó ti ṣubú tó fi orí lulẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ẹ má ṣe ìfiwéra kankan mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè máa rọra ṣàn sínú agbárí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn ìṣubú tí gbogbo ilé ti gbàgbé.

Bí ẹ ó ṣe bá wọn sọ̀rọ̀

Ìbẹ̀rẹ̀ jọra fún méjèèjì. Ẹ wá láti iwájú, kì í ṣe láti ẹ̀yìn. Ẹ rí i pé awò ojú wọn wà lójú, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ wà létí, iná wà nínú yàrá. Ìkúnlẹ̀ tí a fi ń kí àgbà wúlò púpọ̀ níhìn-ín, torí ó mú ojú yín dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó jókòó. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú máa ń rí ẹni tó dúró lé e lórí bí ẹni tó fẹ́ nà án. Ẹ pa rédíò, kí ẹnì kan ṣoṣo sì máa sọ̀rọ̀. Àwọn àlejò mẹ́wàá tó wá kí aláìsàn, tí gbogbo wọn ń gbàdúrà sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ń dá kún ohun tó ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ló gbé wọn wá. Ẹ ní kí wọ́n gbàdúrà ní pálọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n pé, "Bàbá, ẹ mọ̀ mí? Ta ni mí?" Gbogbo àlejò ló máa ń ṣe é. Ẹni tí kò rántí á tijú tàbí á bínú, kò sì sí ohun tí ìdáhùn náà ń ṣe fún un. Ẹ fún wọn ní ìdáhùn kí wọ́n tó wá a: "Bàbá, ẹ kú ìsinmi o. Èmi Fúnmiláyọ̀ ni, ọmọ yín obìnrin." Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ ohun kan ṣoṣo, kí ẹ sì dákẹ́ ká tó mẹ́wàá nínú ọkàn yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ ní ọ̀nà mìíràn kí èyí àkọ́kọ́ tó dé etí wọn, ọ̀rọ̀ méjì á wá máa jà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà ti pín ni ọ̀rọ̀ òtítọ́. Ẹni tó ní dẹlíríọ́mù ń bẹ̀rù, ó dà bíi pé wọ́n gbé e sí ibi tí kò mọ̀. Òtítọ́ kékeré, tí a sọ jẹ́jẹ́, ń ràn án lọ́wọ́: "Ilé ìwòsàn la wà, Bàbá. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Ara yín ló ń ṣe yín, wọ́n ti ń tọ́jú yín. Mi ò ní lọ." Ẹ lè tún un sọ ní gbogbo wákàtí. Bí wọ́n bá ní àwọn ọmọdé wà lára ògiri, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì lé ọmọdé tí kò sí. Ẹ ní, "Èmi ò rí wọn, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ń dà yín láàmú. Mo wà pẹ̀lú yín." Bí wọ́n bá ń bínú tí ẹ ń ṣàtúnṣe, ẹ fi í sílẹ̀.

Fún ẹni tí dìmẹ́ńṣíà rẹ̀ ti jìnnà, òtítọ́ tí a ń tún sọ lè di ìyà. Màmá ní, "Ẹ pe bàbá yín fún mi, ilẹ̀ ti ṣú." Bàbá ti kú láti ọdún kẹwàá. Bí ẹ bá ní, "Màmá, wọ́n ti kú," ọ̀fọ̀ tuntun ni ẹ gbé kalẹ̀, lálẹ́ ọ̀la ẹ ó tún gbé e kalẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé ojú ọkọ wọn ń ro wọ́n. Ẹ dáhùn ìyẹn: "Ọkàn yín wà lọ́dọ̀ Bàbá. Kí ni wọ́n fẹ́ràn láti jẹ lálẹ́?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò, kí ẹ sì fún wọn ní ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n ṣe, bíi ẹ̀gúsí tí wọ́n ó bó tàbí aṣọ tí wọ́n ó ká. Kì í ṣe irọ́ ni ẹ pa. Ẹ kò ní Bàbá ń bọ̀.

Bí ọwọ́ bá ti dìde tàbí wọ́n ti mú igi, ẹ sún sẹ́yìn tó apá méjì, kí ọwọ́ yín hàn, kí ẹ má sì dí ẹnu ọ̀nà. Ohùn yín ni kí ó lọ sílẹ̀, kì í ṣe tiwọn ni ẹ ó pàṣẹ fún. Ẹ ti gbé ọmọ odó, ọ̀bẹ àti kẹrosíìnì kúrò kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ má ṣe dì wọ́n mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìdè ń mú ẹ̀rù pọ̀ sí i, ó ń dá egbò sílẹ̀, ẹni tó ń jà láti tú u sì lè fi ọrùn há. Bẹ́ẹ́dì kúkurú tàbí mátírẹ́ẹ̀sì nílẹ̀, pẹ̀lú ẹnì kan tó jókòó tì wọ́n, dára jù ú lọ. Oúnjẹ àti omi, ìgbà tí ojú wọn là tí wọ́n sì jókòó gangan ni. Bí ohùn wọn bá di ohùn olómi lẹ́yìn tí wọ́n gbé nǹkan mì, tàbí wọ́n ń húkọ́, ẹ dá a dúró. Àgbo tí wọ́n fi ipá dà sí ẹni tó ń tòògbé lẹ́nu máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti sọ láìfi bò, nítorí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Ìyá arúgbó tí ọkàn rẹ̀ dàrú lè sọ pé òun ló pa ọmọ báyìí-báyìí, pé òun ń fò lóru. Àwọn èèyàn á ní ó ń jẹ́wọ́ àjẹ́. Wọ́n á tan fóònù, wọ́n á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á nà án. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹni tó ní dẹlíríọ́mù kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ẹ̀rù, àlá àti ohun tí ó gbọ́ láti kékeré ló dàpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ẹ bá tẹnu mọ́ ìbéèrè fún á máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ohunkóhun. Ẹ lé àwọn tó ń béèrè jáde, ẹ pa fóònù wọn, kí ẹ wá ọkọ̀. Bákan náà, ìwé ilẹ̀, ìwé bánkì tàbí ìpín ogún tí wọ́n ní kó tẹ ìka sí lásìkò yìí kò yẹ kó dé iwájú rẹ̀ rárá.

Ohun tí ẹ ó kó lọ, àti lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá padà

Ẹ kó gbogbo oògùn sínú náílọ̀n kan, tó fi mọ́ àgbo, oògùn ojú àti èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ aládùúgbò. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ ó sọ fún dókítà ni pé: "Kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa ń rí nìyí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló yí padà." Lẹ́yìn náà ni ẹ ó sọ ohun tí wọ́n lè ṣe lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìgbà tí wọ́n tọ̀ gbẹ̀yìn, ìgbà tí wọ́n yàgbẹ́ gbẹ̀yìn, àti bóyá wọ́n ti ṣubú. Bí wọ́n bá ní "ogbó ni", ẹ fi sùúrù tún gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn sọ.

Dẹlíríọ́mù kì í lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ohun tó fà á kúrò. Ó lè gba ọjọ́, ó lè gba ọ̀sẹ̀, ti àwọn mìíràn sì ń gba oṣù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi òǹtẹ̀ dìmẹ́ńṣíà lé àgbàlagbà lórí nígbà tí èyí kò tíì kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ fún àyẹ̀wò ìrántí lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, torí ẹni tó ti ní dẹlíríọ́mù rí wà nínú ewu dìmẹ́ńṣíà ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ pé dìmẹ́ńṣíà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ló jẹ́ kó tètè mú un. Ní Ìbàdàn, ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn àgbà wà ní UCH láti ọdún 2012, wọ́n sì mọ iṣẹ́ yìí níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń rántí ohun tí wọ́n ṣe, ojú á sì máa tì wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé àìsàn ló ṣe é, pé kò sẹ́ni tó mú un sínú. Ní ti Bàbá Abẹ́òkúta, ìyàwó ọmọ tí wọ́n pè ní olè ni wọ́n ń fẹ́ bẹ̀. Obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́," ó sì gbé ẹ̀kọ wọn kalẹ̀. Ọmọ wọn kọ orúkọ Pírítọ́ọ̀nù àti Fẹ́nágànù sára káàdì ilé ìwòsàn pẹ̀lú bírò pupa, ó sì mú káàdì náà lọ han ẹni tó ń ta oògùn ní ìgboro wọn, kó má baà tún tà wọ́n fún wọn.